Do-Mi-So kan náà: ó parí orin àkọ́kọ́, kò parí ìkejì

Akọrin Àjàṣẹ́
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Èmi ni mo ń tẹ píánò fún ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí ní Àjàṣẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, a fi Do-Mi-So parí orin àkọ́kọ́, gbogbo ìjọ jókòó. Nígbà tó di orin kejì, ọ̀gá akọrin ní ká gbé e sí Fa. Ó kù díẹ̀ kó parí, ọwọ́ mi bá dúró sórí Do-Mi-So yẹn, mo ti gbàgbé ibi tí mo wà. Kò sẹ́ni tó jókòó. Gbogbo wọn ń wò mí. Bọ́tìnì kan náà, ìka kan náà, píánò kan náà. Kí ló dé tó fi jẹ́ ìsinmi lẹ́ẹ̀kan, tó sì wá dà bí ẹni gbé ẹsẹ̀ kan sókè lẹ́ẹ̀kejì?

Gìtá Sábẹ̀
Àbúrò, bọ́tìnì kan wà lára àwọn píánò oníná yìí tó máa ń gbé gbogbo ohùn sókè tàbí kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ láìjẹ́ pé ìka rẹ kúrò níbi tó wà. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi níbi ìgbéyàwó kan níbí ní Sábẹ̀. Ọmọdé kan ti fọwọ́ kàn án, èmi ń ta gìtá ní So, píánò ń dún ní La, a sì ń bá ara wa jà títí orin fi parí. Yẹ ibẹ̀ wò kó o tó máa wá ìdí mìíràn.

Akọrin Àjàṣẹ́
Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, kò sóhun tó sún. Do-Mi-So yẹn dùn, ohùn kan ò ta ko èkejì nínú rẹ̀. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu gan-an nìyẹn: ó dùn, ṣùgbọ́n kò tán.

Bàbá Dùùrù
O ti fẹnu ara rẹ sọ ìdajì ìdáhùn. Dídùn yàtọ̀ sí títán. Dídùn wà nínú kọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, torí pé ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára mu. Títán ò sí nínú kọ́ọ̀dù kankan. Àwọn ohùn tó ti kọjá kó tó dé ló ń fún un.

Àwa tá a ń sọ Yorùbá ò yẹ ká rí i bí ohun àjèjì. Jẹ́ kí bàbá olóhùn kíkẹ̀ kan pe “ọkọ́”, kí ọmọ ọdún márùn-ún pe “ọkọ̀”. Tá a bá wọn ohùn méjèèjì, ó ṣeé ṣe kí ohùn ìsàlẹ̀ ọmọ yẹn ga ju ohùn òkè bàbá lọ fíìfíì. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gbé ọkọ́ lé ọmọ tó ń bèèrè ọkọ̀ lọ́wọ́. Ohun tó yí ohùn ká letí wa fi ń mọ̀ bóyá ìsàlẹ̀ ni àbí òkè. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí pẹ̀lú Do-Mi-So rẹ.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó yí i ká. Lọ sídìí píánò rẹ, fi ìka kan lé Fa, fi òmíràn lé Si tó wà lókè rẹ̀, kó o tẹ méjèèjì pọ̀. Méjì péré. Ka bọ́tìnì láti Fa dé Si, funfun àti dúdú: ìgbésẹ̀ mẹ́fà ni. Láti Fa dé Fa kejì, ìgbésẹ̀ méjìlá ni. Ìyẹn ni pé Si dúró sí àárín gbùngbùn, kò sún mọ́ Fa ìsàlẹ̀, kò sún mọ́ Fa òkè. Wà á gbọ́ bí ohùn méjèèjì ṣe ń le síra wọn. Wàyí o, jẹ́ kí Fa sọ̀ kalẹ̀ sórí bọ́tìnì tó kàn án, Mi, kí Si sì gòkè sórí bọ́tìnì tó kàn án, Do. Ìgbésẹ̀ kan sísàlẹ̀, ìgbésẹ̀ kan sókè. Ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá kó o tó padà wá síbí.

Fèrè Kétu
Ẹ̀yin bàbá, ẹ má jẹ́ ká fi ọ̀nà jíjìn lọ. Àdáyébá ni. Nínú fànfáà la ti ń rí i lójoojúmọ́. Tí nǹkan bá ń gbọ̀n ní ẹ̀ẹ̀ 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí a sì pe ohùn yẹn ní Do, àwọn ohùn kéékèèké mìíràn ń dún nínú rẹ̀ ní 200, 300, 400, 500. 200 jẹ́ Do tó ga sí i, 300 jẹ́ So, 500 jẹ́ Mi. Fèrè tí kò ní bọ́tìnì rárá máa bọ́ sórí wọn tó o bá kàn fún ètè pọ̀. Nítorí náà, Do ló bí So. Ọmọ gbọ́dọ̀ padà sílé bàbá rẹ̀. Ìdí tí kọ́ọ̀dù karùn-ún, èyí tó dúró lórí So, fi ń padà sí kìíní, èyí tó dúró lórí Do, nìyẹn. Rameau ará Faransé ti sọ ọ́ ní nǹkan bí 300 ọdún sẹ́yìn.

Bàbá Dùùrù
Ọ̀gá onífèrè, àwọn òǹkà yín péye, mo sì fara mọ́ ọn pé wọ́n ṣàlàyé ìdí tí Do, Mi àti So fi ń wọ inú ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹ ka òǹkà náà síwájú díẹ̀. 600 jẹ́ So. 700 ńkọ́? Si bẹmọ́ọ̀lù ni, bọ́tìnì dúdú tó wà nísàlẹ̀ Si, ó tilẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ti píánò. Kì í ṣe Si.

Ẹ wá tẹ Do-Mi-So pẹ̀lú Si bẹmọ́ọ̀lù lórí píánò. Ṣé ó sinmi? Kò sinmi rárá. Ó ti yí ojú sí Fa. Bó bá jẹ́ pé àwọn ohùn inú ohùn yẹn nìkan ló ń sọ ibi tí ilé wà, Do ì bá má lè jẹ́ ilé fúnra rẹ̀ láé. Rameau gbìyànjú gan-an láti fa gbogbo rẹ̀ yọ látinú ohun kan ṣoṣo yẹn, ṣùgbọ́n kọ́ọ̀dù oníbànújẹ́, irú bíi La-Do-Mi, kò yé di í lọ́wọ́. Do wà nínú àwọn ohùn tí La ń bí ní ìbẹ̀rẹ̀? Ẹ wá a, ẹ ò ní rí i.

Ohun tí mo ń sọ ni pé àdáyébá ló ń kó igi àti erùpẹ̀ wá. Kì í ṣe òun ló ń yan ilé wo la máa wọ̀.

Akọrin Àjàṣẹ́
Bàbá, mo ti dé láti ìdí píánò. Mo tẹ Fa àti Si, mo dúró síbẹ̀. Àbúrò mi obìnrin ń fọ abọ́ ní ẹ̀yìnkùlé, ó kígbe pé, “Parí ẹ̀ jọ̀ọ́!” Mo bọ́ sí Mi àti Do, ó dákẹ́. Kò mọ ohun tí mò ń ṣe rárá o.

Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí i bó ṣe kan Do-Mi-So tó dá mi dúró lójú ìjọ.

Bàbá Dùùrù
A ti dé ibẹ̀. Nínú orin àkọ́kọ́, kọ́ọ̀dù karùn-ún rẹ jẹ́ So-Si-Re, ó sì dájú pé o máa ń fi Fa kún un. Fa àti Si ti wà pa pọ̀ níbẹ̀. Nígbà tó o bọ́ sórí Do-Mi-So, Si gòkè sí Do, Fa sọ̀ sórí Mi, So dúró sí àyè rẹ̀, Re náà wọlé sí Do. Ẹni tó ń rìn ti dé, ẹni tó jókòó ṣì jókòó. Béèsì fò láti So lọ sí Do, ó sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ìjọ náà jókòó.

Orin kejì wà ní Fa. Ilé ibẹ̀ jẹ́ Fa-La-Do. Kọ́ọ̀dù karùn-ún rẹ̀ sì ni Do-Mi-So, tí wọ́n máa ń fi Si bẹmọ́ọ̀lù kún. Wá ìgbésẹ̀ mẹ́fà náà: láti Mi dé Si bẹmọ́ọ̀lù ni. Mi fẹ́ gòkè sí Fa, Si bẹmọ́ọ̀lù fẹ́ sọ̀ sórí La.

Wo Mi dáadáa. Nínú orin àkọ́kọ́, Mi ni Fa ń sọ̀ kalẹ̀ sí, ara ilé ni. Nínú orin kejì, Mi kan náà ló ń wá ọ̀nà àtilọ sí Fa. Bọ́tìnì ò yí padà, ipò rẹ̀ nínú ẹbí ló yí padà. O lè sọ pé o ò tẹ Si bẹmọ́ọ̀lù nígbà tó o dúró. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìjọ ti ń gbọ́ ọ láti ìlà àkọ́kọ́ orin yẹn, wọ́n sì ti gbàgbé Si tó wà nínú orin àkọ́kọ́. Etí wọn ti kó lọ sí Fa kí ìwọ tó rántí.

Olóhùn Kejì
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yìí ti dojú rú. Èkó ni mo ti kọ́ orin kí n tó kó wá sí Àjàṣẹ́ níbí. Do ò lè ṣàì jẹ́ ilé! Do ni ilé. Bí orin bá wà ní Fa, Fa yẹn ni Do. Báwo lẹ ṣe wá ń sọ pé Do-Mi-So kì í ṣe ilé? Ìwé orin wa tí wọ́n fi d, r, m, f kọ ò sọ bẹ́ẹ̀ rí.

Bàbá Dùùrù
Ìyáàfin, ẹ̀yin náà tọ̀nà, àwa náà tọ̀nà. Ààlà ló la àárín wa. Àwọn tó kọ́ wa ní Faransé kọ́ wa pé Do jẹ́ orúkọ bọ́tìnì kan, kò ní kúrò níbẹ̀ láéláé. Àwọn tó kọ́ yín lọ́nà Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀lé ìlànà tí òyìnbó kan tó ń jẹ́ Curwen tàn kálẹ̀ ní nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn: Do jẹ́ orúkọ ipò, ẹnikẹ́ni tó bá wà nílé ni Do. Ìdí tẹ́ ẹ fi ń sọ Ti níbi tí àwa ń sọ Si náà nìyẹn. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń kọ ohùn kọ̀ọ̀kan, So àti Si ì bá sì jọ máa lo s.

Fún ìbéèrè ọmọ wa yìí, ti yín tilẹ̀ rọrùn jù. Ohun tó dá a dúró lójú ìjọ, tiyín á pè é ní s-t-r. Ẹ wò ó, orúkọ fúnra rẹ̀ ti sọ pé kì í ṣe ilé. Tiwa ò sọ nǹkan kan, èèyàn gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ fúnra rẹ̀. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé kí olórí akọrin máa pe tiyín, kí ẹni tó wà nídìí píánò máa gbọ́ tiwa. Mo ti rí i tí ó ba ìdánrawò odindi ìrọ̀lẹ́ kan jẹ́.

Akọrin Àjàṣẹ́
Háà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní tiwa gan-an nìyẹn. Ọ̀gá akọrin wa kọ́ṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ó sọ pé “parí ẹ̀ sí Do-Mi-So”, èmi sì lọ tẹ Do-Mi-So! Mo rò pé mo gbàgbé ni. Àṣé mo gbọ́ràn sí i lẹ́nu ni.

Àyọ̀ká Kétu
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀. Orin Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà, ìyá mi àti ìyá rẹ̀ ni mo gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan. Àwọn orin tí mo mọ̀, ohùn márùn-ún ni wọ́n ń lò. Mo ti jókòó tì ọmọ mi nídìí píánò rẹ̀ láti wá wọn: Do, Re, Mi, So, La. Kò sí Fa yín, kò sí Si yín. Kò sì sí ẹnì kankan ní ọjà Kétu tí kò mọ ìgbà tí orin náà bá délé. Kí ló wá ń fà á?

Bàbá Dùùrù
Ìyá, ìbéèrè yìí ló dùn mọ́ mi jù látàárọ̀. Nínú ohùn márùn-ún yẹn, kò sí méjì tó fara kan ara wọn bíi Si àti Do, tàbí Mi àti Fa. Kò sì sí ìgbésẹ̀ mẹ́fà níbikíbi, ẹ lè tò wọ́n méjì méjì títí ilẹ̀ á fi mọ́. Nítorí náà, irú fífà tí mò ń sọ, bí Fa ṣe ń wá Mi, tí Si ń wá Do, ò lè wà níbẹ̀. Ohun mìíràn ló ń kọ́lé fún orin yín: ibi tí ègbè ń sọ̀ sí ní gbogbo ìgbà, ọ̀rọ̀ tó parí, ìlù tó dáhùn. Ilé tí wọ́n ń padà sí ni, kì í ṣe ilé tí wọ́n ń fà wọ́n lọ sí.

Àyọ̀ká Kétu
Mo gba ìyẹn. Ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé fífà yín jẹ́ ohun tí wọ́n kọ́ yín, kì í ṣe ohun tó wà nínú etí èèyàn. Ká ní ìyá ìyá mi ṣì wà láyé, tó ò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí, tó ò gbọ́ rédíò rí, tẹ́ ẹ tẹ Fa àti Si fún un, mo rò pé ohun tó máa sọ ni pé, “Kí lẹ ń fi nǹkan yìí pariwo sí?” Kò ní sọ pé kẹ́ ẹ parí ẹ̀.

Fèrè Kétu
Mi ò gbà, ìyá. Ohùn méjì tó ń le síra wọn máa le létí ẹnikẹ́ni.

Àyọ̀ká Kétu
Kó le létí yàtọ̀ sí kó mọ ibi tó ń lọ.

Bàbá Dùùrù
Ìyá ti dá a lóhùn dáadáa, mo sì ní ẹ̀rí kan tó gbè yín lẹ́sẹ̀. Ẹ padà sórí Fa àti Si kan náà. Mo ní kí Fa sọ̀, kí Si gòkè, á bọ́ sí ilé Do. Ẹ yí i padà: ẹ jẹ́ kí Fa gòkè ìgbésẹ̀ kan sórí dúdú tó wà lókè rẹ̀, kí Si sọ̀ ìgbésẹ̀ kan sórí dúdú tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Fa díyẹ̀sì àti La díyẹ̀sì nìyẹn. Ó sinmi tán pátápátá! Ilé Fa díyẹ̀sì ni, ó sì jìnnà sí ilé Do bó ṣe lè jìnnà tó. Ohùn méjì kan náà, ilé méjì. Béèsì ló ń yàn: ẹ fi So sábẹ́ wọn, wọ́n á lọ sí Do. Ẹ fi Do díyẹ̀sì sábẹ́ wọn, wọ́n á lọ sí Fa díyẹ̀sì.

Líle wà nínú ohùn méjèèjì. Ṣùgbọ́n wọ́n ò gbé àdírẹ́sì kankan dání. Àyíká ló ń fún wọn ní àdírẹ́sì, ẹni tí kò bá sì mọ àyíká yẹn rí, mi ò lè búra pé á gbọ́ ọ. Èmi fúnra mi gbà pé méjèèjì ló wà níbẹ̀, ìbí àti ìkọ́, ibi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀ lèmi àti Ìyá á máa jiyàn lé lórí.

Gìtá Sábẹ̀
Mo tọrọ àforíjì fún ọ̀rọ̀ bọ́tìnì. Mo ti gbé gìtá wá. Ẹ gbọ́ èyí: mo ta So-Si-Re-Fa, gbogbo wọn nínú ilé ń retí Do, mo wá bọ́ sórí La-Do-Mi. Ojú ìyàwó mi yí padà bíi pé mo já omi gbígbóná sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Si gòkè sí Do, Fa sọ̀ sórí Mi, gẹ́gẹ́ bí Bàbá ṣe wí. Kí ló wá ṣẹ́ kù?

Bàbá Dùùrù
Béèsì ló ṣẹ́ kù. Àwọn tó wà lókè ti dé ibi tí wọ́n ń lọ, ẹni tó di ìpìlẹ̀ mú lọ sílé aládùúgbò. Ìlérí Fa àti Si ti ṣẹ, ti So kò tíì ṣẹ. Ìdí nìyẹn tí kò fi bínú, tí kò sì tán. O lè fi gba ìlà kan sí i lọ́wọ́ ìjọ, kó o wá parí rẹ̀ dáadáa lẹ́yìn náà.

Olóhùn Kejì
Àmín tá a máa ń kọ ní ìparí orin ńkọ́? Kọ́ọ̀dù kẹrin ló ń lọ sí kìíní níbẹ̀, kò sí Ti rárá.

Bàbá Dùùrù
Ẹ ti rí i. Ní orúkọ tiyín, Fa-La-Do ń bọ́ sí Do-Mi-So. Fa sọ̀ sórí Mi, La sọ̀ sórí So, Do ò tilẹ̀ dìde. Ìdajì fífà ló wà níbẹ̀. Ẹ sì kíyè sí i pé orin ti kọ́kọ́ délé kí Àmín tó dé. Àmín ò mú yín wálé, ó kàn ń ti ilẹ̀kùn.

Àyọ̀ká Kétu
Ohun kan ṣì kù, ti àwọn ọmọ mi. Wọ́n ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, olùkọ́ wọn sì ń bá wọn wí pé Si wọn ń wálẹ̀. Ṣé orin ìyá wọn ló ń ṣe é?

Bàbá Dùùrù
Ó ṣeé ṣe púpọ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ́ ọ lára láti fò láti La bọ́ sórí Do, Si jẹ́ òkúta kan tí wọ́n sọ sáàárín ọ̀nà rẹ̀. Tó bá ń gòkè láti La, á tẹ ẹ́ níbikíbi tó bá bọ́ sí, ó sì sábà máa ń rẹlẹ̀ jù. Tí Si bá ti wálẹ̀, kò fara kan Do mọ́, fífà náà á dẹ̀. Ẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n báyìí: ẹ ní kí wọ́n dúró lórí Si láìsí píánò, kẹ́ ẹ wá tẹ Si ẹyọ kan. Tí ohùn wọn bá ń gbọ̀n sí ti píánò, kò bá a mu; tó bá sì rẹlẹ̀ sí ti píánò, ó ti wálẹ̀.

Ẹ má fi La kọ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ dúró lórí Do, kí wọ́n sọ̀ díẹ̀, ìwọ̀n tó kéré jù tí ọ̀fun lè sọ̀, kí wọ́n sì padà. Do, Si, Do. Láti ilé ni kí wọ́n ti mọ̀ ọ́n.

Akọrin Àjàṣẹ́
A ṣe ìdánrawò lálẹ́ yìí. Èmi àti ọ̀gá akọrin ti fohùn ṣọ̀kan: tó bá ń pe orúkọ, á sọ pé “Do tiwa” tàbí “Do ti píánò”. A gbé orin yẹn sí Fa lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo mọ̀ọ́mọ̀ dúró lórí Do-Mi-So, mo fi Si bẹmọ́ọ̀lù kún un, mo sì ń wò wọ́n. Àwọn ohùn kejì ti gòkè lọ sí Fa kí n tó gbé ìka.